Ta Lẹ Fẹ́ Kó Lè Jí Yín Lóru?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yìí ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí kì í jẹ́ kí èèyàn gbádùn. Ó ní nípàdé tó kọjá, ìgbà mọ́kànlá ni fóònù dún kí wọ́n tó ka ìwé ìpàdé tán, àti pé kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé ẹnì kan ló ń pè. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ara mi, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ló mú kí n jókòó kọ́ nǹkan yìí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ariwo fóònù sú mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi pa pátápátá, mo da ojú rẹ̀ dé orí tábìlì, mo sùn. Oorun náà dùn. Nígbà tí mo jí ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ìpè mẹ́sàn-án ni mo bá níbẹ̀, àbúrò mi ló pè mí gbogbo wọn. Bàbá wa ti ṣubú ní balùwẹ̀ ní aago méjì òru, egungun ìbàdí wọn ti kán. Àbúrò mi nìkan ló wà lọ́dọ̀ wọn nílé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kò ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́, kò sì mọ ẹni tí ì bá ké sí lóru. Bàbá yè é, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó lé ní wákàtí mẹ́rin tí wọ́n fi wà lórí ìrora kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ torí pé mo fẹ́ sùn. Ibi tí mo ti ṣìnà ni pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni mo ní, mo sì tì í mọ́ gbogbo ayé. Ẹni tó ń ta bàtà ní gúrúùpù àdúgbò àti àbúrò mi tí bàbá wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ìró kan náà ni fóònù mi ń fi kéde àwọn méjèèjì. Nígbà tí mo wá pa ìró yẹn, mo pa á fún àwọn méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín lónìí ni bí ẹ ṣe lè ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀, kí ariwo dákẹ́, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé dá dúró sì rí yín.

Àwọn kan á ní, “Ṣebí bí mi ò bá ti wò ó, kò dí mi lọ́wọ́.” Ó ń dí yín lọ́wọ́. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Fulọ́rídà ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n fún àwọn èèyàn ní iṣẹ́ tó gba àfiyèsí, wọ́n sì ń jẹ́ kí fóònù wọn dún tàbí kó gbọ̀n lásìkò iṣẹ́ náà. Àṣìṣe àwọn tí fóònù wọn dún pọ̀ sí i, bí wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin aránṣọ mọ ohun tí mò ń sọ. Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, ojú kúrò lára ṣọ́ọ̀kì, sísọ́ọ̀sì ti kọjá ìlà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èkejì, torí òun ló bá ọ̀rọ̀ tèmi mu jù. Ní 2019, ìwádìí mìíràn jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn tó ń lo fóònù ní Íńdíà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n pín wọn sọ́nà. Àwọn kan ń gba ìfitónilétí bó ṣe ń wọlé, àwọn kan ń gbà á ní ìdìpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, àwọn kan ò gba ìkankan rárá. Àwọn tó ń gbà á lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni ara tù jù. Àwọn tí wọn ò gba ìkankan, ọkàn wọn ò balẹ̀. Wọ́n ń rò pé nǹkan kan á ti kọjá lẹ́yìn àwọn. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ pa gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá pa gbogbo rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò máa fi ṣí fóònù lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún láti wò ó bóyá nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Kí ni a ó wá kọ́kọ́ ṣe? Kì í ṣe fóònù. Ìwé àti bírò ni. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí ẹ fẹ́ kí wọ́n lè jí yín lóru. Ìbéèrè náà nìyẹn, mi ò ní èyí tó dára jù ú lọ. Ẹ má kọ ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹ má kọ ẹni tó lè bínú. Ẹni tó jẹ́ pé bó bá pè yín láago méjì òru, ó ní ohun tí ẹ̀yin lè ṣe sí ọ̀rọ̀ náà láago méjì òru yẹn, òun ni kí ẹ kọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi ara yín léèrè nípa gbogbo nǹkan yòókù tó ń dún: bí mo bá rí èyí lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, kí ló máa bàjẹ́? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí, kò yẹ kó dún. Ó lè wà nínú fóònù, kó dúró dè yín bí ìwé tí wọ́n tì bọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Àmọ́ kò yẹ kó máa kanlẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Aládùúgbò mi ni, aránṣọ ni, wọ́n ní ọmọ méjì, ọ̀kan wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ní sẹ́kọ́ńdìrì tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀. Ìyá wọn wà ní Ọ̀yọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ wọ́n lẹ́nu, ọmọbìnrin kan sì ń tọ́jú wọn. Mo ní, “Ìyá Tóbi, ẹ jẹ́ ká kà á ná.” Lórí fóònù Áńdíróìdì, ẹ wọ `Settings`, ẹ lọ sí `Digital Wellbeing & parental controls`, ẹ tẹ àwòrán róbótó tó wà láàárín. Níbi tó ti kọ `Screen time` lókè, ẹ yí i sí `Notifications received`. Ó máa sọ iye tó wọlé lóòjọ́ àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Lórí áífóònù, inú `Screen Time` náà ni, ẹ wò ó nísàlẹ̀ pátápátá.

Tiwọn lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan jẹ́ 212. WhatsApp nìkan kó 148. Fesibúùkù kó 19, àtẹ̀jíṣẹ́ 17, áàpù báńkì 11, géèmù ọmọ wọn 9, àwọn yòókù 8. Ìyá Tóbi ò gbàgbọ́. Wọ́n ní géèmù wo? Àwọn ò mọ̀ pé ọmọ ti gbé géèmù sórí fóònù àwọn.

Bí ẹ bá wo iye yẹn, ẹ máa rí ibi tí iṣẹ́ wà. Géèmù àti Fesibúùkù, a ò lò tó ìṣẹ́jú kan lórí wọn. Bí ìfitónilétí bá ṣe ń wọlé, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má tètè gbé ìka kúrò. Àyè máa ṣí láti sọ ọ́ di `Silent` tàbí láti pa á pátápátá. Ẹ ò nílò láti wá inú `Settings` kiri. A pa géèmù pátápátá. Fesibúùkù, a sọ ọ́ di `Silent`. Ó ń wọlé, kò dún, kò gbọ̀n.

WhatsApp ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyá Tóbi ti fẹ́ pa gbogbo rẹ̀, mo ní ká dúró. Àwọn oníbàárà ń fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú ìyá wọn sì máa ń kọ̀wé síbẹ̀. Bí a ṣe yẹ ìtàkùrọ̀sọ wọn wò, a rí i pé gúrúùpù mẹ́rìnlá ló ń pariwo: ti ìjọ, ti àdúgbò, ti ẹgbẹ́ ọmọ ilé ìwé ayé àtijọ́, ti ẹbí bàbá, ti ẹbí ìyá, ti àwọn tó ń ta léèsì. WhatsApp ya ìró gúrúùpù sọ́tọ̀ kúrò lára ìró ẹni kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀. Ẹ wọ `Settings` inú WhatsApp fúnra rẹ̀, ẹ tẹ `Notifications`, ẹ wá apá tó jẹ́ ti gúrúùpù, ẹ yí ìró rẹ̀ sí `None`, ẹ pa gbígbọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo gúrúùpù dákẹ́, ọ̀rọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan ṣì ń dún.

Gúrúùpù kan wà tí a kò fẹ́ kó dákẹ́, ìyẹn ti kíláàsì ọmọ wọn kékeré. Ibẹ̀ ni olùkọ́ máa ń kọ ọ́ sí bí wọ́n bá fẹ́ tètè jáde nílé ìwé. A wọ inú gúrúùpù náà, a tẹ orúkọ rẹ̀ lókè, a fún un ní ìró tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìró agogo kékeré. Nísinsìnyí, bí agogo yẹn bá dún ní ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Tóbi mọ̀ láìwo fóònù pé ilé ìwé ni. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn: kí etí lè mọ ẹni tó wá kí ojú tó kúrò lórí iṣẹ́.

Àwọn gúrúùpù tó le jù, bíi ti ẹbí bàbá tí wọ́n ń jà níbẹ̀ lójoojúmọ́, a fi `Mute` sí wọn ní `Always`. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ ò ní gbọ́ bí wọ́n bá dárúkọ yín. Bí ẹnì kan bá fi àmì `@` pè yín nínú gúrúùpù tí ẹ ti `Mute`, tàbí tó fèsì sí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín kọ, WhatsApp ṣì máa fi tó yín létí.

Ó wá ku báńkì. Owó kan ṣoṣo tó bá jáde, ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà sọ fún Ìyá Tóbi: àtẹ̀jíṣẹ́, áàpù báńkì, ímeèlì. Ẹ yan ọ̀kan kó máa dún. Tèmi, àtẹ̀jíṣẹ́ ni mo yàn, torí kò nílò dátà. Bí dátà bá tán lọ́wọ́ ọ̀sán tí ẹnì kan sì ń fa owó jáde nínú àkáǹtì mi, mo fẹ́ gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Álẹ́ẹ̀tì pé owó jáde kò ṣeé fi sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ti áàpù báńkì, ẹ má pa á lódindi. Láti ìgbà Áńdíróìdì 8 tó jáde ní 2017 ni áàpù kan ti lè pín ìfitónilétí rẹ̀ sí oríṣiríṣi, tí ẹ sì lè pa oríṣi kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Ẹ wọ `Settings`, `Apps`, ẹ tẹ áàpù náà, ẹ tẹ `Notifications`. Bí ẹni tó ṣe áàpù náà bá ṣe é dáadáa, ẹ máa rí i tí ìpolówó dá dúró lọ́tọ̀, tí ti owó tó wọlé tó jáde dá dúró lọ́tọ̀. Àwọn áàpù kan wà tí wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Irú wọn ni mo máa ń sọ di `Silent`, tí mo sì ń gbára lé àtẹ̀jíṣẹ́.

Ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti kún fún ìpolówó. Àjọ tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, NCC, ti pàṣẹ láti 2016 pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì gba oníbàárà láàyè láti sọ pé òun ò fẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó. Ẹ tẹ `STOP`, ẹ fi ránṣẹ́ sí `2442`, ó ti gbogbo rẹ̀. Ẹ tẹ `HELP` sí nọ́ńbà kan náà bí ẹ bá fẹ́ yan èyí tí ẹ máa gbà. Ẹ tẹ `ALLOW` bí ẹ bá fẹ́ ṣí i padà. Ó ń ṣiṣẹ́, mo ń lò ó. Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ síbi yìí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń gba ọ̀nà ìpolówó fi nọ́ńbà OTP ránṣẹ́, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé ẹ̀yin ni. Bí ọ̀nà yẹn bá ti pa, OTP náà ò ní wọlé, ẹ ó sì máa bú báńkì lásán. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe é, ẹ gbìyànjú láti fi owó kékeré ránṣẹ́ tàbí láti wọ áàpù tó máa ń béèrè OTP. Bí kò bá wọlé, ẹ lo `HELP`, kí ẹ fi ti báńkì àti ètò owó sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Ó ku òru, ibi tí èmi ti ṣubú. Ohun tí ẹ máa lò ni `Do Not Disturb`, kì í ṣe bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì pọ̀. Bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ń pa ohùn mọ́ gbogbo èèyàn. `Do Not Disturb` ń béèrè lọ́wọ́ yín pé ta ni kí òun jẹ́ kó kọjá. Lórí Áńdíróìdì, ẹ wá a nínú `Settings`, ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ tẹ `People`, ẹ tẹ `Calls`, ẹ yan `Starred contacts`. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ibi tí orúkọ àwọn èèyàn yín wà, ẹ fi ìràwọ̀ sí àwọn tí ẹ kọ sínú ìwé níbẹ̀rẹ̀. Ìyá Tóbi kọ mẹ́rìnlá, mo ní kí wọ́n tún un rò, ó wá di mẹ́fà: ìyá wọn, ọmọ tó ń tọ́jú ìyá, ọkọ wọn, àwọn ọmọ méjèèjì, àti ọ̀gá tó ń mójú tó ilé táwọn ọmọ ń sùn ní sẹ́kọ́ńdìrì. Bí ẹnì kan bá ní síìmù méjì, ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì sábẹ́ orúkọ kan náà, torí nọ́ńbà ni fóònù mọ̀, kò mọ èèyàn.

Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní `Repeat callers`. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe pa á. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé bí nọ́ńbà kan náà bá pè lẹ́ẹ̀kejì láàárín ìṣẹ́jú 15, ó máa jẹ́ kó dún, bí ìràwọ̀ ò tilẹ̀ sí lórí rẹ̀. Lórí áífóònù, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé nílẹ̀ wa, ẹni tó wà nínú wàhálà kì í fi fóònù tirẹ̀ pè. Bátìrì ti kú, káàdì ti tán, wọ́n ti gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ẹni tó ṣèèṣì kọjá ló fi tirẹ̀ ṣàánú. Ọmọ yín ò ní fi nọ́ńbà tí ẹ mọ̀ pè lọ́jọ́ tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ sọ́kọ̀ tó wọ̀. Ìràwọ̀ ò ní gbà á sílẹ̀. Ìpè ẹlẹ́ẹ̀kejì ló máa gbà á sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ẹni tó ní ọmọ nílé ìwé níyànjú láti tan `Silence unknown callers` tó ń pa ohùn ìpè nọ́ńbà tí ẹ ò mọ̀, bó ti wù kí àwọn oníjìbìtì máa pè tó.

Ẹ wá padà sọ́dọ̀ àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, kí ẹ sọ fún wọn. Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ìdajì iṣẹ́ ló kù. Ìyá Tóbi pe ọmọ tó ń tọ́jú ìyá wọn níṣojú mi. Wọ́n ní, “Ṣèyí, bí ara màmá bá yí padà, má kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp o. Pè mí. Bí mi ò bá gbé e, tún pè lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú síìmù kan náà.” Ọmọ náà dáhùn pé, “Ẹ̀n-ẹ́n, Mọ́mì, bí káàdì tó kù sórí fóònù mi ò bá tó nǹkan ńkọ́?” Wọ́n ní, “Fílááṣì mí lẹ́ẹ̀mejì.” Mo dúró, mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ ni. Fílááṣì ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ bí a kò bá gbé e, fóònù sì kà á sí ìpè. Fílááṣì méjì láàárín ìṣẹ́jú 15 á kọjá `Do Not Disturb`. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ́ ọ fún gbogbo èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn ibi tó ti máa ń bàjẹ́, torí mo ti rí wọn lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

Ọ̀kan ni pé wọ́n ti ṣètò `Do Not Disturb` dáadáa, wọ́n ti fi ìràwọ̀ sí i, wọ́n tún wá fi bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ pa ohùn pátá nígbà tí wọ́n fẹ́ sùn, bó ti mọ́ wọn lára. `Do Not Disturb` lè jẹ́ kí ìpè kọjá, ṣùgbọ́n bí ohùn bá ti wà ní òdo, kò sí ohun tó máa dún. Ohùn gbọ́dọ̀ wà lókè. Lórí áífóònù nìkan ni ẹ ti lè borí ìyẹn: ẹ ṣí orúkọ ẹni náà, ẹ tẹ `Edit`, ẹ tẹ `Ringtone`, ẹ tan `Emergency Bypass`. Ẹni yẹn á máa dún bí fóònù tilẹ̀ ti dákẹ́.

Èkejì ni ìpè WhatsApp. Ẹ má gbọ́kàn lé e pé `Repeat callers` máa mú un bó ṣe ń mú ìpè gidi. Ó ń ṣe é lórí fóònù kan, kò ṣe é lórí òmíràn, ó sì nílò dátà ní ìhà méjèèjì. Fún òru, ìpè orí síìmù ni kí àdéhùn yín jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó máa ń jẹ́ kéèyàn rò pé òun ti ṣe àṣejù nínú pípa ìró. Ọ̀pọ̀ fóònù tí kò wọ́n ní ọjà wa máa ń pa àwọn áàpù láti fi bátìrì pamọ́. Ẹ máa mọ̀ ọ́n báyìí: fóònù á dákẹ́ fún wákàtí méjì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ṣí WhatsApp, ọ̀rọ̀ ogún á já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú aago tó ti pẹ́ lára wọn. Kì í ṣe ètò tí ẹ ṣe ló fà á. Ẹ wọ `Settings`, `Apps`, WhatsApp, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ bátìrì sí, ẹ yí i sí `Unrestricted`. Bí fóònù yín bá ní áàpù kan tó ń ṣe ìmọ́tótó inú fóònù, ẹ wò ó bóyá òun náà ń pa á. Áàpù bátìrì kan ló jẹ́ kí ìyàwó àbúrò mi pàdánù oníbàárà mẹ́ta lóṣù kan, ó sì rò pé wọ́n ń fojú fo òun ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ yẹ iṣẹ́ yín wò. Láti Áńdíróìdì 11 ni `Notification history` ti wà nínú `Settings`, lábẹ́ `Notifications`. Ẹ tàn án lónìí, torí kì í kọ ohun tó ti kọjá kí ẹ tó tàn án. Ó máa fi ohun tó wọlé ní wákàtí 24 hàn yín. Bí ẹ bá rí ohun kan níbẹ̀ tí ẹ ní, “Há, èyí ì bá ti dún,” ẹ fún un ní ìró. Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Tóbi dá padà: ẹni tó ń kó ọ̀rá àti òwú wá fún wọn, tó máa ń kọ̀wé pé òun ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí a tún kà á lọ́jọ́ Ọjọ́rú mìíràn, ohun tó wọlé ò dín kù púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó dún jẹ́ 23.

Ìyá kan béèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ní, “Ọmọ mi wà ní Húsítọ̀nù. Bó bá ṣí fóònù lẹ́yìn iṣẹ́, òru ni níbí. Kì í sì pè mí lórí síìmù, WhatsApp ni. Ṣé kí n máa dúró dè é ni?”

Mo dáhùn pé, “Rárá, Ìyá, ẹ sùn. Aago mẹ́fà la fi ṣáájú Húsítọ̀nù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, méje nígbà òtútù wọn. Bó bá pè láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ́hùn-ún, òru ti jìn lọ́dọ̀ yín. Ìpè ìkíni lè dúró di àárọ̀ yín, kó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó bá a. Ẹ bá a ṣe àdéhùn pé bí nǹkan bá ṣe òun, kó pè yín lórí síìmù. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ẹ gbé e. Kó fílááṣì yín lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, kí ẹ sì jí, kí ẹ tan dátà, kí ẹ pè é lórí WhatsApp.”

Wọ́n ní, “Ṣé á ṣiṣẹ́ báyìí?”

Mo ní ká dán an wò. Wọ́n tan `Do Not Disturb`, wọ́n gbé fóònù sórí itan wọn. Arákùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn, tí nọ́ńbà rẹ̀ ò sí nínú fóònù wọn rárá, pè wọ́n. Ó dákẹ́. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wo fóònù yẹn. Ó tún pè, ó sì dún.